Bí a ṣe ń sọ fún òṣìṣẹ́ pé àfikún owó oṣù rẹ̀ kò tó ohun tó ń retí

Ó ti pẹ́ tí mo ti wà ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, apá owó oṣù gan-an sì ni tèmi. Lọ́dọọdún, tí wọ́n bá ti yẹ owó oṣù wò tán, èmi ni mo máa ń kó àwọn mánẹ́jà jọ láti bá wọn sọ bí wọ́n ṣe máa gbé èsì rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lábẹ́ wọn. Ọdún tí àfikún bá pọ̀, kò sẹ́ni tó ń wá mi. Wọ́n á kàn pín lẹ́tà, kálukú á sì máa rẹ́rìn-ín lọ. Ọdún tí owó bá kéré sí ohun tí àwọn ènìyàn ti fi ọkàn sí ni fóònù mi kì í sinmi, ọ̀rọ̀ irú ọdún bẹ́ẹ̀ ni mo sì fẹ́ sọ.

Ohun kan ni mo fi ń wọn gbogbo gbólóhùn tí mánẹ́jà bá ní òun fẹ́ sọ lọ́jọ́ náà. Ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ ṣì máa gbọ́ nǹkan mìíràn lẹ́yìn tó bá jáde ní ọ́fíìsì. Á gbọ́ iye tí wọ́n fún ẹlòmíì. Á rí owó tó wọ báńkì rẹ̀ lópin oṣù. Ó sì lè gbọ́ pé ẹnì kan sọ pé òun ń lọ, ni wọ́n bá sáré fi owó kún tirẹ̀. Ṣé gbólóhùn tí a sọ fún un á ṣì dúró lẹ́yìn gbogbo ìyẹn? Èyí tí kò bá ní dúró, ká má sọ ọ́ rárá, bó ti wù kó tuni lára tó lójú ẹsẹ̀.

Èyí tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu mánẹ́jà ni “Ilé iṣẹ́ kò lówó lọ́wọ́.” Nígbà míì, òótọ́ ni. Ilé iṣẹ́ kan lè wà tó jẹ́ pé owó oṣù tó wà nílẹ̀ gan-an ń nira fún un láti san. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, owó wà. Àwọn aláṣẹ ti pinnu ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ni, àfikún owó oṣù sì gba ìwọ̀n kékeré nínú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kò fọ́jú. Ó ń rí ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n rà, ó ń rí àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́, ó sì lè fi ojú ara rẹ̀ ka ìròyìn èrè tí ilé iṣẹ́ gbé jáde. Gbólóhùn tó lè dúró ni: “Iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àfikún lọ́dún yìí jẹ́ pasẹ́ńtì 4 nínú owó oṣù gbogbo wa.” Kò dùn létí ju ti àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́la tó máa sọ ọ́ di irọ́.

Iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ yìí la máa ń pè ní àpò àfikún. Mi ò gbà kí mánẹ́jà kankan lọ bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ tí kò bá lè ṣàlàyé bí wọ́n ṣe pín in láìwo ìwé. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ jẹ́ ká sọ pé owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ lápapọ̀ jẹ́ 100,000. Pasẹ́ńtì 4 rẹ̀ jẹ́ 4,000. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ 500 sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n fẹ́ gbé ga lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á tún yọ 500 mìíràn fún àwọn tí owó wọn ti rẹlẹ̀ jù fún irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ó ku 3,000 tí gbogbo ẹni tó kù máa pín. Bí a bá pín in dọ́gba, pasẹ́ńtì 3 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Láti 4 sí 3 báyẹn ni ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀, torí 4 ni òṣìṣẹ́ gbọ́, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé nǹkan ti kúrò nínú rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àmọ́ a kì í pín in dọ́gba, nítorí máàkì tí kálukú gbà lórí iṣẹ́ rẹ̀. Bí owó oṣù àwọn tó gba máàkì tó ga jù lọ bá jẹ́ 20,000 nínú 100,000 yẹn, tí a sì fún wọn ní pasẹ́ńtì 5, 1,000 ti lọ nìyẹn. Ó ku 2,000 fún àwọn yòókù, ìyẹn pasẹ́ńtì 2.5. Ká wá ní àwọn mánẹ́jà lawọ́, tí wọ́n fún ìdajì òṣìṣẹ́ ní máàkì tó ga jù lọ ńkọ́? Pasẹ́ńtì 5 lórí 50,000 jẹ́ 2,500. Ìdajì kejì máa pín 500, pasẹ́ńtì 1 péré. Kò sí àwọn aláṣẹ tó máa gba irú ìyẹn, nítorí náà ohun tí wọ́n á ṣe ni pé wọ́n á fa ti àwọn tó wà lókè wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí wọ́n kọ “ó ta yọ” sí orúkọ rẹ̀ ṣe ń gba àfikún tí kò fi bẹ́ẹ̀ ta yọ. Máàkì tí mánẹ́jà fi ṣàánú nígbà tí wọ́n ń yẹ iṣẹ́ wò ló wá ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ yìí.

Mo fara mọ́ ọn pé kí wọ́n sọ ìwọ̀n àpò yìí fún gbogbo òṣìṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ iye tirẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ọ̀gá ló ń gbà fún mi. Èrò wọn ni pé a kàn ń fún àwọn ènìyàn láyè láti kùn. Òótọ́ ni pé wọ́n á kùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbọ́ lóṣù tó kọjá pé pasẹ́ńtì 4 ni gbogbo ilé iṣẹ́ fẹ́ ná, àwọn aláṣẹ ni inú rẹ̀ ń bí sí. Ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan, tí ọdún tó kọjá ti fún un ní pasẹ́ńtì 9, tí wọ́n sì yìn ín lójú gbogbo ènìyàn, 10 ni yóò ti gbé sínú ìṣirò ilé rẹ̀. Tó bá wá gbọ́ 3, yóò gbà pé òun ni wọ́n fojú di. Inú tó ń bíni sí ètò ilé iṣẹ́ máa ń rọlẹ̀. Èyí tó bá jọ ìwọ̀sí kì í tètè tán.

Bí wọ́n bá máa kéde èrè ilé iṣẹ́ ní sáà kan náà, kí wọ́n jẹ́ kí ọjọ́ méjèèjì jìnnà síra, tàbí kí ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ jáde wá ṣàlàyé ìdí tí èrè fi pọ̀ tí àfikún sì kéré. Kí wọ́n má fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ fún mánẹ́jà kékeré tó jẹ́ pé òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka ìròyìn náà ni.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ẹnì kan, kí ó lè yé wa dáadáa. Àgbà òṣìṣẹ́ obìnrin kan ni. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni mọ owó, òun ni gbogbo ikọ̀ ń sá lọ bá tí nǹkan bá dojú rú, máàkì tó ga jù lọ ni wọ́n sì fún un. Mánẹ́jà rẹ̀ kéré sí i lọ́jọ́ orí dáadáa. Mo ti yí àwọn iye náà padà kí ẹnikẹ́ni má bàa dá a mọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tò síra ni mo fi sílẹ̀. Ìpele owó iṣẹ́ tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 800, ó sì parí sí 1,200. Àárín rẹ̀ jẹ́ 1,000. Òun alára ń gba 1,150, èyí tó jẹ́ pasẹ́ńtì 115 ti àárín ìpele. Ó ń retí pasẹ́ńtì 10. Èyí tó kàn án ni pasẹ́ńtì 3, ìyẹn 34.50, tó sọ owó oṣù rẹ̀ di 1,184.50.

Nínú ikọ̀ kan náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó gba irú máàkì kan náà. 850 ni owó oṣù tirẹ̀, wọ́n sì fún un ní pasẹ́ńtì 6. Ẹ̀yin náà ti ń rí ibi tí ìjà ti máa wá.

Ìdí tí àfikún méjèèjì kò fi dọ́gba ni pé a kì í wo máàkì nìkan. A tún ń wo ibi tí owó ẹni náà wà nínú ìpele rẹ̀. Ẹni tó ṣiṣẹ́ dáadáa tí owó rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ ìpele, ṣe là ń yára fà á sókè. Ẹni tó ṣiṣẹ́ dáadáa tó ti fẹ́ dé òkè ìpele, díẹ̀díẹ̀ là ń fún un, torí ààyè tó kù fún un kò pọ̀. Obìnrin yìí, 50 péré ló kù kí ó kan òkè. Pasẹ́ńtì 10 ì bá gbé e dé 1,265, kọjá òkè ìpele. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gba 51, owó rẹ̀ sì di 901. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, obìnrin náà ṣì fi owó tó lé ní 280 jù ú lọ. Àlàyé tó mọ́gbọ́n dání ni, àmọ́ kò sí bó ṣe máa wọ ẹnikẹ́ni létí bó bá jẹ́ pé lẹ́nu ọ̀rẹ́ ló ti kọ́kọ́ gbọ́ pé “ọmọdé yẹn gba 6.”

Àwọn mánẹ́jà kan rò pé àwọn lè ní kí òṣìṣẹ́ má sọ iye tirẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má dán an wò. Yàtọ̀ sí pé wọ́n á sọ ọ́ náà ni, àwọn ibì kan wà tí òfin kò fàyè gbà á. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1935 tó dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ aládàáni ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ fún òṣìṣẹ́ wọn. Ohun tí mo máa ń sọ fún mánẹ́jà ni pé kí ó ṣàlàyé ìpele náà ṣáájú, láì dárúkọ ẹnikẹ́ni, débi pé tí obìnrin náà bá gbọ́ 6 nígbà tó bá yá, á ti mọ̀ pé irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ àti ìdí tó fi lè ṣẹlẹ̀.

Kí ìpàdé tó wáyé, àwọn mánẹ́jà máa ń rí orúkọ àti iye gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ wọn. Kì í ṣe kí wọ́n kàn kà á. Kí wọ́n wá àṣìṣe ni. Ibi tí àṣìṣe máa ń sá pamọ́ sí kò pọ̀: ẹni tó lọ fún ìsinmi ìbímọ tí ẹ̀rọ kà bí ẹni tí kò ṣiṣẹ́ fún odindi ọdún, ẹni tó yí ipò padà láàárín ọdún tí ìpele àtijọ́ ṣì wà lórí orúkọ rẹ̀, àti ògbóǹtarìgì tí owó rẹ̀ ti rẹlẹ̀ sí ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wọlé láti wá máa kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ìkẹta yìí bá wáyé, kò sí ọgbọ́n ọ̀rọ̀ sísọ tó lè bò ó. Owó náà ni kí wọ́n tún ṣe. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ní kí mánẹ́jà lọ fi ọ̀rọ̀ dídùn ṣàlàyé irú nǹkan bẹ́ẹ̀, mo sì sọ fún àwọn aláṣẹ pé mi ò ní kọ́ ẹnikẹ́ni ní bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Nǹkan kan tún wà tó jẹ́ ti ẹ̀rọ: lẹ́tà. Ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́, orí kọ̀ǹpútà ni òṣìṣẹ́ ti ń rí lẹ́tà rẹ̀. Bí ẹni tó ń bójú tó o bá ṣí i sílẹ̀ ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, tí ìpàdé sì jẹ́ aago méjì ọ̀sán, a ti pàdánù ìpàdé náà. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé wá ti fi wákàtí mẹ́fà ro ẹjọ́ rẹ̀ ní òun nìkan. Kí lẹ́tà wà ní títì títí mánẹ́jà á fi fọwọ́ sí i pé òun ti bá ẹni náà sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì ṣí i lọ́jọ́ kan náà. Gbogbo ikọ̀ kan náà, kí wọ́n gbọ́ tiwọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, torí ẹni tí wọ́n fi tirẹ̀ sí ọ̀la yóò sùn pẹ̀lú iye ẹlòmíì lórí.

Ìpàdé náà fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gùn. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún ti tó. Ibi tí ọ̀pọ̀ mánẹ́jà ti ń ṣubú ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ojú ń tì wọ́n, nítorí náà wọ́n á fi ìyìn bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á yin iṣẹ́ tó ṣe láti oṣù kìíní títí dé òpin ọdún, ẹni tó jókòó síwájú wọn á sì máa rò ó pé owó ńlá ló ń bọ̀. Bí wọ́n ṣe ń yìn ín ni wọ́n ń gbé e gun òkè tí wọ́n fẹ́ jù ú sílẹ̀ láti orí rẹ̀. Àyẹ̀wò iṣẹ́ ti ní ọjọ́ tirẹ̀, ó sì ti kọjá. Lónìí, kí iye náà jáde láàárín ìṣẹ́jú àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ tí èmi àti mánẹ́jà obìnrin yẹn jọ kọ sílẹ̀ nìyí: “Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọ̀rọ̀ àfikún owó oṣù yín ni mo fi pè yín. Pasẹ́ńtì 3 ni. Ó máa sọ 1,150 di 1,184.50, láti oṣù kìíní. Mo mọ̀ pé ó kéré sí ohun tí ẹ ń retí, kò sì tó bí nǹkan ṣe wọ́n sí i lọ́dún yìí. Tí ẹ bá fẹ́, mo lè ṣàlàyé bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀.” Lẹ́yìn ìyẹn, kí ó dákẹ́.

Gbólóhùn nípa bí nǹkan ṣe wọ́n sí i yẹn, àwọn aláṣẹ ní kí a yọ ọ́ kúrò. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Lọ́dún yẹn, ohun tí wọ́n ń ra 100 ti di 108. Owó obìnrin yìí tó jẹ́ 100 sì di 103. Bí a bá pín 103 sí ọ̀nà 108, ohun tó lè rà ti dín ní nǹkan bíi pasẹ́ńtì 4.6. Òun ló ń lọ sọ́jà, ó ti mọ̀. Tí mánẹ́jà bá wá sọ ọ̀rọ̀ bíi pé ẹ̀bùn ni wọ́n ń fún un, òun ló máa dà bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ kò bá fẹ́ sọ gbólóhùn náà, ó kéré tán, kí mánẹ́jà má lo ọ̀rọ̀ bíi “inú mi dùn láti sọ fún yín.” Mo ti rí i nínú lẹ́tà tí wọ́n fi pín pasẹ́ńtì 1.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló le jù fún wọn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ iye tó kéré nílò àsìkò láti ṣe ìṣirò nínú orí rẹ̀: owó ilé ìwé, owó ilé, gbèsè. Ojú mánẹ́jà ò lè gbà á, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ohun tó máa ń sọ ní àkókò yìí ló ń bà á jẹ́, mo sì mọ méjì nínú rẹ̀ dáadáa.

Àkọ́kọ́ ni “Èmi jà fún yín o, àwọn ara òkè ni kò gbà.” Ó dùn ún sọ, torí ó mú mánẹ́jà kúrò nínú ẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń sọ gan-an. Ó ń sọ fún òṣìṣẹ́ pé ọ̀gá rẹ̀ kò lágbára, pé ẹnì kan tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ ló fi kálámù pa á lára, àti pé bó bá fẹ́ owó, kó má bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Tí ẹni náà bá sì rí ìwé ní ọjọ́ kan pé mánẹ́jà yìí gan-an ló dábàá pasẹ́ńtì 3, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Bí mánẹ́jà bá fara mọ́ iye náà, kó sọ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá fara mọ́ ọn, ó lè sọ pé: “Ohun tí mo dábàá ju èyí lọ díẹ̀. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi dín in kù, mo sì lè sọ ọ́ fún yín.” Ìyẹn yàtọ̀ sí kí ó fi ẹ̀tẹ́ kan ẹlòmíì, òótọ́ sì ni.

Èkejì ni ìlérí. “Ẹ fọkàn balẹ̀, tọ́dún tó ń bọ̀ á dáa.” Mánẹ́jà kò mọ iye tí àpò ọdún tó ń bọ̀ máa jẹ́. Kò tiẹ̀ mọ̀ bóyá òun alára á ṣì wà níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ kì í gbàgbé irú ọ̀rọ̀ báyìí, á ti kọ déètì rẹ̀ sọ́kàn. Fún obìnrin yìí, ìlérí yẹn tiẹ̀ burú ju ti ẹlòmíì lọ, nítorí 15.50 péré ló ṣẹ́ kù kí ó kan òkè ìpele rẹ̀. Àyàfi bí wọ́n bá gbé ìpele náà sókè, tàbí kí wọ́n gbé òun fúnra rẹ̀ lọ sí ìpele mìíràn, ọdún tó ń bọ̀ máa kéré ju tọdún yìí lọ ni. Ohun tó yẹ kó gbọ́ nìyẹn, kó lè mọ ohun tó kù tó lè ṣe.

Ó bèèrè ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn máa ń bèèrè: “Èló ni ẹ fún àwọn yòókù?” Mánẹ́jà náà dáhùn pé òun kò ní sọ owó ẹnikẹ́ni fún un, gẹ́gẹ́ bí òun kò ṣe ní sọ tirẹ̀ fún wọn, ó sì wá fi bébà kékeré kan ya ìpele náà fún un: 800 níbí, 1,000 láàárín, 1,200 lókè, ẹ̀yin rèé. Ó sọ fún un pé ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ tó sì gba irú máàkì yín máa gba pasẹ́ńtì tó ju tiyín lọ. Obìnrin náà wo bébà náà títí, ó ní, “Ìyẹn ni pé bí mo ṣe ń pẹ́ níbí tó, tí mo ń mọṣẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àfikún mi á máa kéré sí i.” Mánẹ́jà ní bẹ́ẹ̀ ni, nínú ìpele yìí. Kò wá ọ̀rọ̀ mìíràn fi bò ó. Mo kan sáárá sí i fún ìyẹn, torí kì í rọrùn kí ọmọdé sọ irú rẹ̀ lójú àgbà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a kì í yanjú nǹkan kan. Ohun tí mo máa ń ní kí mánẹ́jà fi parí ìpàdé náà ni ọjọ́ ìpàdé kejì, láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹni náà. Ìpàdé kejì yẹn ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi, òun sì ni ọ̀pọ̀ máa ń fò. Àwọn tó pariwo lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kì í dẹ́rù bà mí. Ẹni tó ní “ẹ ṣeun, sà,” tó dìde láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, tí kò bèèrè nǹkan kan, òun ni mo máa ń sọ pé kí wọ́n má fo tirẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ó gbà lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ó ti pinnu. Bí ẹni tó máa ń dá àbá ní ìpàdé bá wá dákẹ́, tó bá ń bèèrè iye ọjọ́ ìsinmi tó ṣẹ́ kù fún un, tó bá ń parí àwọn nǹkan tó ti fi sílẹ̀ tipẹ́, mi ò ní sọ pé ó ń lọ, ṣùgbọ́n mi ò ní dúró di ọdún tó ń bọ̀ kí n tó bá a sọ̀rọ̀.

Obìnrin wa padà wá sí ìpàdé kejì pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ló gbà láti dé ìpele tó tẹ̀ lé e? Níbí, mánẹ́jà ní nǹkan gidi láti sọ. Wọ́n gbé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ìpele yẹn sílẹ̀, wọ́n sì rí i pé ó ti ń ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀: òun ló ń kọ́ àwọn tuntun, òun ló ń bá àwọn oníbàárà tó le sọ̀rọ̀. Èyí tí kò tíì ṣe ni pé kí ó di bọ́jẹ́ẹ̀tì mú fúnra rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ irú iṣẹ́ tí wọ́n máa gbé fún un, ìgbà tí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò, àti pé kì í ṣe mánẹ́jà nìkan ló máa pinnu. Ìgbìmọ̀ kan ni, àyè sì gbọ́dọ̀ wà. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn kò dùn, àmọ́ òun ni kò jẹ́ kí ìwé náà di ìlérí.

Kò sí èyí nínú gbogbo nǹkan wọ̀nyí tó dí àlàfo owó. Àwọn kan á gbọ́ àlàyé, á yé wọn yékéyéké, wọ́n á sì lọ síbi tí wọ́n ti máa san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò ka ìyẹn sí pé mánẹ́jà kùnà.

Ohun tó máa ń wó gbogbo rẹ̀ lulẹ̀ ni ẹni tó mú ìwé iṣẹ́ láti ibòmíràn wá, tí wọ́n sì rí pasẹ́ńtì 15 fún un lọ́sẹ̀ kan náà kó má bàa lọ. Bí ilé iṣẹ́ bá ní owó ìdádúró bẹ́ẹ̀, kí mánẹ́jà mọ̀ kó tó wọ ìpàdé, kó má sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé “kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe.” Kó sọ pé kò sí nǹkan mìíràn nínú àpò àfikún. Tèmi ni pé kí wọ́n fi owó yẹn ṣe àtúnṣe fún àwọn tí owó wọn rẹlẹ̀ kí wọ́n tó wá halẹ̀, torí ní kété tí ìròyìn pasẹ́ńtì 15 yẹn bá tàn, gbogbo ẹni tó dákẹ́ máa gbà pé àwọn ni wọ́n yàn jẹ.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọjọ́ owó. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí àfikún ní oṣù kẹta, tó sì bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kìíní, òṣìṣẹ́ máa gba ti oṣù méjì tó kọjá pọ̀ mọ́ toṣù kẹta. Fún obìnrin yìí, 34.50 lọ́nà mẹ́ta, ìyẹn 103.50, ló fi lé 1,150. Oṣù kẹrin, ó padà sí 1,184.50. Ẹni tí wọn kò bá sọ fún máa rí owó tó wálẹ̀, yóò sì gbà pé wọ́n ti gé nínú rẹ̀. Owó orí tún wà ńbẹ̀. Níbi tí owó orí bá ti ń ga sí i bí owó ṣe ń pọ̀ sí i, apá tó bá wà lókè ni wọ́n ń gé jù, nítorí náà ohun tó dé báńkì kì í tó pasẹ́ńtì tí wọ́n pè. A máa ń kọ méjèèjì sínú lẹ́tà náà báyìí, ní ìlà méjì tó hàn ketekete: iye tó máa wọlé lóṣù àkọ́kọ́ àti iye tó máa wọlé láti oṣù kejì lọ, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ gbogbo ohun tí wọ́n máa ń yọ. Láti ìgbà tí a ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ènìyàn tó ń wá sí ẹ̀ka wa ní oṣù kẹrin ti dín kù gan-an, àwọn tó ṣì ń wá sì ń bèèrè nípa ìpele wọn dípò kí wọ́n máa bèèrè ẹni tó gé owó wọn.